Odù kan ṣoṣo ló jáde, ìbò ló pọ̀

*Àbọrú bọyè, Bàbá. Mo lọ dá Ifá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Awo náà kò bi mí ní ohun tó gbé mi wá. Ó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó pe orúkọ odù kan, ó kó owó ẹyọ àti egungun lé mi lọ́wọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ léraléra, ó tó bí ìgbà mẹ́wàá. Ṣé kì í ṣe pé ó ń jù ú títí yóò fi rí èyí tó wù ú ni? Báwo ló sì ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tèmi ni odù náà ń sọ?*

Àbọyè bọ ṣíṣẹ, ọmọ mi. Bí ó bá ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni awo náà dá Ifá fún ọ. Èyí tó kọ́kọ́ jù ló bí odù rẹ. Gbogbo èyí tó jù lẹ́yìn ìyẹn, ìbò ni. Ìbò kì í pa odù dà, kì í sì í rọ́pò rẹ̀. Odù tó ti wà nílẹ̀ la fi ń bi í ní ìbéèrè. Ní ti pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ni, òun kọ́ ló yẹ kó mọ̀. Ìwọ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi Ifá gbọ́ nìyí, títí kan àwọn awo kan, nítorí náà màá fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí o rí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹyọ mẹ́jọ, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀. Èèpo èso igi ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a là sí méjì ni àwọn ẹyọ náà, inú wọn kò jọ ẹ̀yìn wọn. Awo á di ẹ̀wọ̀n náà mú ní agbedeméjì, á fì í, á sì jù ú síwájú ara rẹ̀ kí apá méjèèjì lè nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A máa ń so nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ìdí apá méjèèjì kí a má baà ṣi ọ̀tún mú fún òsì. Ẹyọ tó bá ṣí inú sókè, ilà kan la ó tẹ̀ fún un. Èyí tó bá dojú bolẹ̀, ilà méjì. Ọ̀tún la ti ń kà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí a tó bọ́ sí òsì, orúkọ apá ọ̀tún la sì kọ́kọ́ ń pè.

Ká ní apá ọ̀tún ṣí, ó dé, ó ṣí, ó dé: kan, méjì, kan, méjì. Ọ̀ṣẹ́ nìyẹn. Ká ní apá òsì ṣí, ó dé, ó ṣí, ó tún ṣí: kan, méjì, kan, kan. Òtúrá nìyẹn. Odù tó jáde ni Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Wò ó dáadáa: bí ẹyọ ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì bá dojú bolẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ Méjì ni ìbá jẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ìdí nìyẹn tí awo tó mọ iṣẹ́ fi máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ọpọ́n, tàbí kó pe orúkọ rẹ̀ sókè ketekete, kó tó fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tó bá ti pè é, kò lè sọ pé òun kò rí i mọ́.

Ẹyọ mẹ́jọ, ọ̀nà méjì tí ìkọ̀ọ̀kan lè gbà sùn, odù 256 ló ń bí. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ojú odù, tí ọ̀tún àti òsì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, láti orí Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì. 240 tó kù ni àmúlù. Bí a bá fi ikin, èkùrọ́ Ifá, dá a, inú odù 256 kan náà ni ọ̀kan yóò ti jáde, ọ̀nà rẹ̀ ló gùn. Ikin mẹ́rìndínlógún la ó kó sọ́wọ́ òsì, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a kó lẹ́ẹ̀kan. Bí méjì bá kù lọ́wọ́ òsì, ilà kan la ó tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí ẹyọ kan bá kù, ilà méjì. Bí kò bá kù rárá, tàbí tí ó kù ju méjì lọ, kò kà, a ó tún un gbá. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò kà kí odù tó pé. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun la fi ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo, bíi kí a tẹ ènìyàn nífá, ikin la máa ń gbé kalẹ̀, nítorí ìránṣẹ́ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀, ikin ni Ifá fúnra rẹ̀.

Odù ti jáde wàyí. Kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ. Ẹsẹ Ifá tó wà nínú odù kan ṣoṣo pọ̀ gan-an. Ọ̀kan lè sọ̀rọ̀ ẹni tó ń rin ìrìn àjò, èkejì á sọ ti obìnrin tó ń wá ọmọ, ẹ̀kẹta á sọ ti ẹni tí wọ́n ń bá du oyè. Gbogbo wọn Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni. Èwo ló wá jẹ́ ti ẹni tó jókòó síwájú mi? Ọ̀nà méjì la fi ń mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́, awo á máa ki odù náà, ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹni tó wá dá Ifá á sì máa tẹ́tí títí yóò fi dé ibi tó bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu, tí yóò ní, "Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀." Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í béèrè ohun tó gbé ọ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára ni awo fi ń hàn nígbà tí kò bá bi wọ́n. Kì í ṣe agbára. Bí mo bá ti mọ ẹjọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ tó bá a mu ni ọkàn mi yóò sáré lọ mú, èmi ni n ó máa yàn fún ọ, kì í ṣe Ifá. Ṣé o rántí pé ó ní kí o sọ ọ̀rọ̀ rẹ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó lẹ́nu, kí o sì fi í lélẹ̀? Etí awo la ń yẹra fún níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ìbò, òun sì ni iṣẹ́ owó ẹyọ àti egungun. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Awo á sọ ìbéèrè kan jáde, á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún owó ẹyọ, á tún jù ú lẹ́ẹ̀kan fún egungun. Èyí tí odù rẹ̀ bá jẹ́ àgbà nínú méjèèjì ló borí. Ojú odù ju àmúlù lọ. Bí méjèèjì bá jẹ́ àmúlù, apá ọ̀tún wọn la ó wò: Ogbè ju Ọ̀yẹ̀kú lọ, Ọ̀yẹ̀kú ju Ìwòrì lọ, Ìwòrì ju Òdí lọ, títí lọ. Láti ibẹ̀ sísàlẹ̀, ètò àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, kálukú ló ń tẹ̀ lé bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí awo kan náà lo ètò kan láàárọ̀ kó sì lo òmíràn lálẹ́. Bí Èjì Ogbè bá jáde fún owó ẹyọ, kò sí ohun tí yóò tún borí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tilẹ̀ jù ti egungun mọ́.

Àwọn awo mìíràn, bóyá bí tìrẹ ti ṣe é nìyẹn, á ní kí o po méjèèjì mọ́ra lọ́wọ́, kí o di ọ̀kan sí ọ̀tún, kí o di èkejì sí òsì, láìjẹ́ kí òun rí i. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni yóò sọ ọwọ́ tí o máa là. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, nítorí awo kò mọ ibi tí egungun wà nígbà tó ń jù ú, kò sì sí bó ṣe lè fẹ́ kí ìdáhùn kan jáde ju èkejì lọ.

O wá rí i pé ìbéèrè kan ń gba jíjù méjì. Ìbéèrè márùn-ún péré, jíjù mẹ́wàá ti pé. Ìgbà mẹ́wàá tí o kà yẹn kò pọ̀ rárá.

Ìbéèrè wo là ń béèrè? Àkọ́kọ́, ṣé ire ni àbí ibi? Bí ó bá jẹ́ ire, ire wo? Márùn-ún la sábà máa ń tò: ire àìkú, ire ajé, ire aya tàbí ọkọ, ire ọmọ, ire ìṣẹ́gun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa béèrè, ibi tí owó ẹyọ bá ti mú un la ó dúró. Bí ó bá jẹ́ ibi, a ó béèrè bóyá ikú ni, àrùn ni, òfò ni, tàbí ìjà. Lẹ́yìn èyí la ó béèrè ohun tí yóò mú ire náà dé tàbí tí yóò yẹ ibi náà: ṣé ẹbọ ni, ṣé orí rẹ̀ ló yẹ kó bọ, ṣé òrìṣà kan ni, ṣé egúngún ilé rẹ̀ ni? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń dín ẹsẹ tó lè jẹ́ tirẹ̀ kù, bí ìgbà tí a ń ku èlùbọ́.

Màá sọ ti ọkùnrin kan tó wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí mo ṣìnà nínú ẹ̀ níbì kan, ibi tí mo ti ṣìnà náà sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ kejì.

Ó wọlé, ó kí mi, ó sọ̀rọ̀ sí owó lẹ́nu, ó gbé e sílẹ̀. Ọ̀ṣẹ́tùúrá ló jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pè é. Mo béèrè bóyá ire ni. Fún owó ẹyọ, Ìwòrì Òfún ló jáde. Fún egungun, Ọ̀sá Òtúrá. Ìwòrì ṣàgbà Ọ̀sá, nítorí náà ire ni. Ire àìkú? Owó ẹyọ mú Ìká Ọ̀bàrà, egungun mú Òdí Ìrosùn. Òdí ṣàgbà, kì í ṣe àìkú. Ire ajé? Owó ẹyọ mú Ọ̀yẹ̀kú Méjì, egungun mú Ọ̀ṣẹ́ Ìwòrì. Ajé ni. Mo dúró níbẹ̀. Mo béèrè bóyá ẹbọ ni yóò mú un dé, owó ẹyọ tún mú un.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Ẹsẹ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ẹsẹ kejì, ó mi orí díẹ̀, ó ní kò bá òun mu. Mo wá dé orí ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ odù yìí: bí àwọn òrìṣà mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ṣe sọ̀kalẹ̀ wá tún ayé ṣe, tí wọn kò ka Ọ̀ṣun sí nítorí pé obìnrin ni. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọn kò pè é. Wọ́n rúbọ, wọn kò fún un ní nǹkan kan. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ń dàrú, òjò kò rọ̀, oògùn wọn kò jẹ́. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó sì bi wọ́n léèrè ẹni kẹtàdínlógún wọn. Ìgbà tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ ni ayé tó gún.

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá, ibi tí iṣẹ́ ti ń dàrú yẹn, èmi ni. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin nínú ọ̀rọ̀ mi."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mo dá a lóhùn kíákíá pé ìyàwó rẹ̀ ni, pé kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Ifá kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn yẹn bí mo ṣe kì í, kò sí ibi tí wọ́n ti pe Ọ̀ṣun ní aya ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹsẹ náà sọ ni ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, tí wọn kò pè nítorí pé obìnrin ni. Ìyàwó jẹ́ ohun tí èmi fi kún un láti inú orí tèmi. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní ìyàwó òun wà níbi iṣẹ́ náà pẹ̀lú òun láti ọjọ́ kìíní, owó ẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Mo gba ẹ̀bi mi, mo sì padà sídìí ìbò, ibi tó yẹ kí n ti lọ tẹ́lẹ̀. Mo béèrè: ṣé ará ilé rẹ̀ ni? Owó ẹyọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé láti ìhà ìyá rẹ̀? Egungun kọ̀ ọ́. Láti ìhà bàbá rẹ̀? Owó ẹyọ mú un. Ṣé alààyè ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni mo dákẹ́. N kò mọ ohun tó kù, mi ò sì díbọ́n pé mo mọ̀. Mo kàn ní kó ro àwọn obìnrin ilé bàbá rẹ̀ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe, orí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kà. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló jókòó pín in. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àkọ́bí bàbá wọn gan-an, wà nílé ọkọ, wọ́n ní obìnrin tó ti lọ ilé ọkọ kò nílò ilẹ̀, wọn kò tilẹ̀ sọ fún un. Oníbàárà ń gbé iṣẹ́ wá, ó sì ń gbé e padà. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń bá a jà lórí owó ilẹ̀ náà. Èmi kò mọ gbogbo èyí. Òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ Ifá fi ọ̀nà hàn, ìbò dín in kù, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé e.

Mo wá fi ìbò béèrè ẹbọ, kí ó rú èyí tí odù náà sọ, kí ó sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo béèrè bóyá ìyẹn tó, owó ẹyọ ní ó tó. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ó lọ. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó wá sọ fún mi pé àwọn ti tún ilẹ̀ náà pín, ẹ̀gbọ́n òun sì ti ní tirẹ̀. Bí ajé ṣe wọlé tó lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ fún mi, èmi náà kò béèrè.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìfura rẹ kò ṣàìní ìdí, ọmọ mi, àwọn kan wà tí wọ́n ń bà á jẹ́. Ohun tí màá fi mọ̀ wọ́n ni pé wọ́n máa ń ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ láìsọ ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè. Bí a kò bá gbọ́ "ṣé ire ajé ni?" kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó balẹ̀, a jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá rí ìdáhùn ni yóò wá ìbéèrè tó bá a mu. Èkejì ni kíkọ ìdáhùn: egungun ti ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, awo á ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò sùn dáadáa, á tún ìbéèrè kan náà jù. Lọ́dọ̀ tèmi, ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè tún un jù ni ìgbà tí ẹyọ kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò ṣí tí kò dé, kí n sì sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó ka odù rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí mo ti kà á tán.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù. Ìbò ti ní ẹbọ tó, awo á sì máa fi ewúrẹ́ lé àkùkọ, á fi aṣọ lé ewúrẹ́, títí owó tó ní lọ́kàn yóò fi pé. Ẹbọ ní orísun: ẹsẹ Ifá ló ń dárúkọ ohun tí ẹni ìṣáájú fi rúbọ. O ní ẹ̀tọ́ láti ní kó kì í kí o gbọ́ ọ. Awo tó kọ́ṣẹ́ kò ní bínú, inú rẹ̀ yóò tilẹ̀ dùn pé o béèrè.

Àwọn tó ń dá owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, ẹẹ́rìndínlógún tí àwọn olóòṣà ń lò, iye tó ṣí ojú sókè ni wọ́n ń kà ní tiwọn. Bí mẹ́jọ bá ṣí, Èjì Ogbè ni. Ìbò wà lọ́dọ̀ àwọn náà, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe, nítorí náà ohun tí mo sọ yìí yóò wúlò fún ọ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an, o kò sọ orúkọ odù tó jáde fún ọ, o kò sì sọ bóyá ẹsẹ kankan bá ọ̀rọ̀ inú rẹ mu. Bí o bá rántí orúkọ tó pè lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó pè kí ó tó kó egungun lé ọ lọ́wọ́, òun ni odù rẹ. Gbàgbé gbogbo orúkọ tó pè lẹ́yìn rẹ̀, ìbò ni wọ́n. Padà lọ bá a, kó tún ki odù náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Níbi tí kò bá ti bá ọ mu, sọ pé kò bá ọ mu. Bí o bá dákẹ́ tí o kàn ń mi orí, ibi tó bá dá ẹnu dúró sí náà lo máa mú lọ sílé, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ ẹlòmíràn.